Ọ̀rọ̀ Tí Oníbàárà Ń Tẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹbí ẹni ṣe ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ẹnu ò sì ní fura, ẹ wá béèrè ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣunníkẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ Òkukù ni, láti agboolé àwọn ọlọ́ṣun. Oríkì ni wọ́n fi ń jí i láàárọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò sí orúkọ Yorùbá tí ẹ máa dárúkọ tí kò ní í pè kó dún bó ṣe yẹ kó dún. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Inísà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá, títí tí ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà fi pè é, tó sì sọ fún un pé àwọn ò nílò olùkọ́ Yorùbá mọ́, Faransé ni àwọn òbí ń béèrè. Faransé! Ní Inísà! Ẹ jẹ́ n pa ẹnu mi mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Tẹjú ló gbà lọ ní Ìkìrun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Tẹjú, ó sì fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Ìyá Tẹjú ló gba Ọ̀ṣunníkẹ́ tọ́ nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú, orí ẹní kan náà sì ni àwọn ọmọ méjèèjì ń sùn. Tẹjú ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí gáréèjì. Ó ń ṣe fọ́tòkópì, ó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ibi tí owó rẹ̀ gan-an ti ń wá ni ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ará òkè òkun ti ń ra iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Ìpolówó tí èèyàn máa ń gbé síbẹ̀, tó fi ń sọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, gíìgì ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀ṣunníkẹ́ ti gbé gíìgì kan sórí ọjà náà fúnra rẹ̀ kó tó lọ. “Oríkì” ló kọ sí i lórí gàdàgbà, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rí i. Tẹjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Àbúrò mi, ta ló ń wá oríkì ní Kánádà? Ẹni tó bá mọ̀ pé oríkì lòun ń wá ti ní bàbá àgbà tó máa kì í. Ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà là ń kọ sórí ìsọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu tìẹ.”

Ó sì kọ́ ọ. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, Tẹjú kọ́ ọ dáadáa. Ó ní kó lọ sí àpótí ìṣàwárí tó wà lókè ọjà náà, kó tẹ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, kó dúró. Ẹ̀rọ á parí gbólóhùn náà fún un lónírúurú ọ̀nà, nítorí ó ti mọ ohun tí àwọn tó ń wá iṣẹ́ sábà máa ń tẹ̀. Kó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wo iye àwọn tó ń ta iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti pọ̀ bí eṣú, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa tò ó sí, kò sí ẹni tó máa rí i. Bí wọ́n bá kéré, tí àwọn díẹ̀ náà sì ń rí oníbàárà, ibẹ̀ ni kó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Kó ka ohun tí àwọn oníbàárà ń kọ lẹ́yìn tí wọ́n bá rajà tán, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n wá.

Ọ̀ṣunníkẹ́ padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òkukù, ó fọwọ́ mú un. Ó tẹ “Yoruba,” ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó atúmọ̀ èdè jáde rẹpẹtẹ. Àwọn tó ń ta á kún bí omi òkun. Ó gbìyànjú èyí, ó gbìyànjú tọ̀hún. Lọ́jọ́ kan ló wá rántí àwọn ọmọ ìlú tó máa ń ti òkè òkun wálé lọ́dún, tí wọn ò lè pe orúkọ ara wọn. Ó tẹ “pronounce,” ó dúró. Ẹ̀rọ sì bá a parí rẹ̀: “pronounce my Yoruba name,” bá mi pe orúkọ Yorùbá mi. Àwọn tó ń tà á ò ju ìka ọwọ́ lọ.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Orúkọ ẹni, kéèyàn máa bẹ àjèjì kó bá òun pè é! Ó fi gbólóhùn náà ṣe àkọlé gíìgì rẹ̀, ó fi í sí ìlà àkọ́kọ́ àlàyé, ó tún fi í sáàárín àwọn ọ̀rọ̀ ìtọ́ka tó wà nísàlẹ̀. Ó ka orúkọ ìyá rẹ̀ sínú fóònù pẹ̀lú oríkì díẹ̀, ó gbé e síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ohùn.

Oníbàárà dé! Ọkùnrin kan ní Kánádà tó ń jẹ́ Iyìolúwa ló kọ́kọ́ dé. Bàbá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀, “Áyólúà” sì ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀ṣunníkẹ́ pe orúkọ náà fún un ní díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pè é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ìwúre díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ọkùnrin náà kọ̀wé pé òun gbọ́ ọ, òun sunkún. Ìràwọ̀ márùn-ún ló fún un. Òmíràn dé, òmíràn tún dé.

Àfi bí Ọ̀ṣunníkẹ́ ṣe wọ mótò lọ sí Ìkìrun, tó lọ fi ayọ̀ han ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ta ló tún fẹ́ lọ fi hàn? Tẹjú wo fóònù náà, ó wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

“Èyí ò lè pẹ́,” ló wí. “Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ò tó nǹkan. Wọ́n á rà á lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Yọ ọ́ kúrò, fi ‘Yoruba translator’ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọjà wà.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n ń rà á, Sìsítà mi. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má lọ síbi tí èrò bá pọ̀ sí.”

“Oríire ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ṣé èmi ni mo kọ́ ẹ, àbí ìwọ lo kọ́ mi? Fi ohùn yẹn náà ránṣẹ́ sí mi, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá wà lẹ́yìn rẹ̀, n óò bá ẹ tún un ṣe.”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọ̀ṣunníkẹ́ ò janpata, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó pa àkọlé rẹ̀ dà níbẹ̀, níṣojú Tẹjú, ó fi ohùn ránṣẹ́, ó sì tún dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọjà ti dá. Ó di ọ̀kan láàárín ogunlọ́gọ̀ atúmọ̀ èdè. Àwọn tó ń rí gíìgì rẹ̀ dín kù, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ tán pátápátá. Bó bá pe Tẹjú, Tẹjú á ní, “Ṣe sùúrù, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí níbẹ̀rẹ̀.” Ó ń ṣe sùúrù. Ó ń bá bàbá rẹ̀ lọ sóko ẹ̀gẹ́, ó ń ṣe sùúrù.

Ìgbà tó yá ni lẹ́tà Iyìolúwa dé láti Kánádà, sínú àpótí tí wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn tẹ́lẹ̀ lórí ọjà náà. Ọkùnrin náà ní ìyàwó òun ti bímọ, òun sì fẹ́ kí Ọ̀ṣunníkẹ́ pe orúkọ ọmọ náà fún àwọn. Ó ní òun tẹ ọ̀rọ̀ tí òun tẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, orúkọ olùtajà mìíràn ló jáde lókè, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbọ́ àpẹẹrẹ ohùn ibẹ̀, òun mọ̀ ọ́n, òun ní ó ti pààrọ̀ orúkọ ni, òun sì sanwó. “Ṣùgbọ́n ohùn tí o fi ránṣẹ́ yìí kì í ṣe tìrẹ,” ló kọ. “Kí ló dé? Ṣé ara rẹ ò yá ni?”

Ọ̀ṣunníkẹ́ gba fóònù bàbá rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà ṣojúsàájú torí pé ó mọ̀ ọ́n. Ó tẹ gbólóhùn náà. Gíìgì Tẹjú ló wà lókè pátápátá. Àkọlé rẹ̀ ni, àlàyé rẹ̀ ni, pẹ̀lú ìyìn àwọn oníbàárà lọ jàra. Ó tẹ àpẹẹrẹ ohùn. Ohùn ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá rẹ̀ tó ti kú fún un. Bàbá rẹ̀ ní, “Ṣé ìwọ nìyẹn?” Ó dá fóònù padà fún un, ó lọ wọ mótò Ìkìrun.

Nígbà tó dé Ìkìrun, Tẹjú ò sẹ́. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Kò tilẹ̀ dìde lórí àga.

“Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń tẹ̀, ta ló ni ín? Ṣé o fi èdìdì dì í ni?”

“Ọ̀rọ̀ kì í ṣe tèmi, Sìsítà mi. Ṣé ohùn náà kì í ṣe tèmi ni? Ẹ ní kò lè pẹ́. Ẹ ní kí n yọ ọ́.”

“Mo ṣáà ti tọrọ àforíjì.” Irọ́ ni, kò tíì tọrọ àforíjì kankan. “Ilé kan náà ni wá, kí lo ń fa ọ̀rọ̀ gùn sí? Tèmi jẹ́ tìẹ.”

Fóònù Tẹjú dún lórí tábìlì. Ó wò ó, ojú rẹ̀ là. Ó wá na fóònù náà sí Ọ̀ṣunníkẹ́.

“Jọ̀ọ́, bá mi pe èyí kíá. Oníbàárà yìí ń kánjú, ahọ́n mi ò gbé e. N óò fún ẹ ní nǹkan.”

Ha! Ojú ò ti obìnrin yìí o! Ọ̀ṣunníkẹ́ wo fóònù náà, ó wo ọwọ́ tó nà án, ọwọ́ tó ti di irun rẹ̀ rí. Ó jáde, kò kí ẹnikẹ́ni. Inú mótò Òkukù ló ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ọjà náà pé wọ́n jí ohùn òun. Ó so ohùn tó gbà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ti ṣe fún Iyìolúwa kí gíìgì Tẹjú tó wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ títí mótò fi kọjá Inísà. Ó ń sunkún nígbà tó tẹ̀ ẹ́.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, Ìyá Tẹjú pè é.

“Ọ̀ṣunníkẹ́, wọ́n ti ti ọjà Tẹjú pa. Ó ń sunkún láti àná, kò jẹun. Ó ní ìwọ ni. Mo ní kò lè jẹ́ ọmọ tí mo tọ́. Ìwọ kọ́, àbí?”

Ọ̀ṣunníkẹ́ kúnlẹ̀ níbi tó wà, bí ẹni pé Ìyá Tẹjú ń rí i.

“Èmi ni, mà.”

Ó fẹ́ ṣàlàyé, ó fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò bi í léèrè ìdí.

“O ṣeun,” ni wọ́n wí. “O ṣeun, ọmọ mi.” Wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀.