Òjìji tó Kù Lẹ́yìn Alájì Mọ́ṣúdù

Láyé ìgbà náà, bí ẹ bá dé Fìdítì tí ẹ ní ẹ fẹ́ ya fọ́tò, ṣọ́ọ̀bù Dorcas lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ni wọ́n máa júwe fún yín, wọn á sì kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má bá a jiyàn. Ìyá Tùmí ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru. Ó lè lé ìyàwó ọ̀ṣìngín dìde lórí àga pé kó lọ nu pàúdà ojú rẹ̀ dáadáa kó tó wá jókòó síwájú kámẹ́rà òun. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ ti sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn ló fi kọ́ ọ parí, ìbínú náà ni kò sì jẹ́ kó ti ṣọ́ọ̀bù pa títí di òní.

Lọ́dún 1990 ni Alájì Mọ́ṣúdù, tó ń kó ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ tà n'Ìbàdàn, dágbére fáyé. Nígbà tí àdúà ọdún kan ń bọ̀, Láwàl, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, gbé fọ́tò kan wá bá Dorcas. Ó fẹ́ fi ṣe kàlẹ́ńdà tí wọ́n máa pín fún àwọn àlejò. Fọ́tò náà kò ṣàjèjì sí Dorcas, òun ló yà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìgì ni. Alájì dúró gbọn-in níwájú ògiri funfun ilé rẹ̀, Àwẹ̀ní, ìyàwó kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, sì dúró tì í ní ọwọ́ ibi tí oòrùn wà.

Láwàl ní kó yọ obìnrin náà dànù. Ó ní kó yọ ògiri náà pẹ̀lú, kó ku bàbá òun nìkan lórí ìwé funfun.

Inú Dorcas ti ń hó lójú ẹsẹ̀. Ta ni kò mọ Àwẹ̀ní ní Fìdítì? Nígbà tí àìsàn rọ Alájì lápá rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọ ń wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwẹ̀ní ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Bó ṣe ṣe opó tán báyìí ni Láwàl kó ẹrù rẹ̀ síta, pé kò bímọ fún bàbá àwọn, kó máa lọ sí Akinmorin tó ti wá. Àwọn àgbà ẹbí rí i, wọ́n panu mọ́, nítorí Láwàl ló ń náwó. Ohun tí wọ́n ṣe fún Àwẹ̀ní láàyè ni wọ́n tún fẹ́ ṣe fún un nínú fọ́tò yìí. Bí kàlẹ́ńdà yẹn bá kọ́ sí gbogbo ògiri ẹbí, á dà bíi pé kò sí Àwẹ̀ní kankan rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ni iṣẹ́ ló ni àṣẹ. Bí Dorcas kò bá ṣe é, ẹlòmíràn n'Ìbàdàn á ṣe é. Ó tẹ fọ́tò ńlá kan jáde nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀, ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e yí fìlà, yí etí agbádá. Ibi bàtà ló ti dúró. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti na òjìji láti ẹsẹ̀ Alájì dé ìdí ògiri, ó sì gùn ún lọ sókè. Òjìji yẹn ló ń fi èèyàn múlẹ̀; bí a bá gé e kúrò, ẹsẹ̀ onítọ̀hún kò ní kan ohunkóhun mọ́. Àmọ́ Alájì nìkan kọ́ ló ni ín. Níwọ̀n bí Àwẹ̀ní ti wà lápá oòrùn, òjìji tirẹ̀ ti gba ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ kọjá, ó sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òjìji fìlà àti ti gèlè wà lórí ògiri náà, èjìká wọn lẹ̀ mọ́ra.

"Bàbá òun nìkan" ni Láwàl sọ. Dorcas fi ìbínú gé òjìji náà kúrò pátápátá, ó lẹ Alájì mọ́ páálí funfun, ó sì ránṣẹ́ pe Láwàl.

Ojú Láwàl kọ́rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó rí i. Ó ní kí ló dé tí bàbá òun fi rọ̀ dirodiro lófuurufú bí iwin. Dorcas ṣàlàyé pé òjìji tóun yọ ló fà á, pé òun lè po ọ̀dà dúdú mọ́ funfun, kóun fi búrọ́ọ̀ṣì ya díẹ̀ sábẹ́ bàtà, ẹsẹ̀ á sì balẹ̀. Láwàl kọ̀. Ó ní irọ́ nìyẹn, wọn ò ní fi ọ̀dà ya nǹkan kan mọ́ bàbá òun lára.

"Èyí tó wà nínú fọ́tò ni kí ẹ dá padà," ó ní.

"Ṣé bó ṣe wà gẹ́lẹ́?"

"Bó ṣe wà gẹ́lẹ́, Ìyá Tùmí. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀."

Dorcas ti fọ́tò náà sí i níwájú. Ó ní, "Wò ó dáadáa kó o tó sọ bẹ́ẹ̀."

Láwàl kò wò ó. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ fi bàbá òun han òun ni, pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ìlú yìí ti pọ̀ jù, ó sì jáde.

Dorcas tún fọ́tò mìíràn tẹ̀. Lápá ibi tí Àwẹ̀ní dúró sí, abẹ rẹ̀ gba ara agbádá kọjá, obìnrin náà sì bọ́ sílẹ̀ lódindi. Lápá kejì, ó gé e yí òjìji ká. Ó fi ọ̀dà funfun pa etí òjìji rẹ́ mọ́ páálí kí ojú abẹ má baà hàn. Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó dé ibi gèlè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa fà á, gèlè á sì parẹ́. Ó wo gèlè náà títí, orí rẹ̀ gbóná, ó sì ju búrọ́ọ̀ṣì sínú omi. Ó fi kámẹ́rà tún gbogbo rẹ̀ yà. Nígbà tí Láwàl dé, bàtà nìkan ló wò. Ó ní ó ti dára báyìí, ó sì gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé n'Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ àdúà, Dorcas gbé kámẹ́rà kọ́rùn lọ, torí wọ́n ti ní kó wá ya àwọn àlejò. Wọ́n ti pín kàlẹ́ńdà yíká, àwọn ààfáà ti jókòó. Hàwáù, ẹ̀gbọ́n Alájì, tó ti dàgbà gan-an, gbé tirẹ̀ sórí itan. Ó fi ìka tọ òjìji náà láti bàtà àbúrò rẹ̀ lọ sókè, ó kan fìlà, ó sì kan gèlè. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Ó bi Láwàl pé ta ló ni gèlè yìí. Láwàl gba kàlẹ́ńdà náà, ó wò ó. Ó yíjú sí Dorcas bí ẹni fẹ́ nà án. Dorcas kò gbójú kúrò. Ó ní, "Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ lo ní kí n ṣe é." Àwọn àlejò ti ń tú kàlẹ́ńdà tiwọn wò, orúkọ Àwẹ̀ní sì ti ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ káàkiri.

Hàwáù gbọn orí. Ó ní ojú ti òun, pé òun wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù obìnrin yẹn síta, òun kò sì sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé alùpùpù lọ sí Akinmorin báyìí báyìí. Láwàl ní àwọn ààfáà ń dúró.

"Kí wọ́n máa dúró," Hàwáù wí. "Àwẹ̀ní ò tíì dé."

Dorcas wá ibi tí òjìji ti bo ìdí ògiri funfun ilé náà, ó jókòó, inú rẹ̀ ṣì ń ru, ó sì pa fíìmù rẹ̀ mọ́ de Àwẹ̀ní.