Bàbá Mi tó Ń Fun Fèrè ní Ibi Òkúta

"Fọ àsíá yẹn. Eruku ti bò ó, kò pupa mọ́."

Ohun tí bàbá mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Orí ẹní ni wọ́n wà, ikọ́ ń ṣe wọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bu omi wá. Nígbà tí mo fi máa gbé omi dé, wọ́n ti yíjú sí ògiri, wọ́n ti lọ.

Fádèyí ni orúkọ wọn. Abúlé wa kò jìnnà sí Olódò. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Nígbà tí àwọn kọngílá tó ń ṣe títì dé, wọ́n gba àpáta òdìkejì ọ̀nà oko lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Dánámáìtì ni wọ́n fi ń fọ́ ọ. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa lé èèyàn sẹ́yìn kí wọ́n tó yìn ín. Wọ́n fún bàbá mi ní fèrè kan àti àsíá pupa.

Ẹnikẹ́ni lè fun fèrè. Ṣùgbọ́n bàbá mi mọ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lọ́wọ́, bó gbọ́ fèrè, á ní òun á parí eléyìí ná. Nítorí náà, tí wọ́n bá fun fèrè tán, wọ́n á bọ́ sọ́nà oko, wọ́n á máa fi oríkì pe kálukú.

"Àjàní o! Àmọ̀pé o! Ẹ jáde, iná ń bọ̀!"

Ta ni wọ́n á fi oríkì pè tí kò ní ju ọkọ́ sílẹ̀? Ìdí igi àràbà ni gbogbo wọn ń kó jọ sí. Òkúta kò dé ibẹ̀ rí. Tó bá ró tán, bàbá mi á tún fun fèrè, gígùn, kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Fóòmàn, olórí àwọn òṣìṣẹ́ kọngílá, kò fẹ́ràn rẹ̀. Á ní, "Bàbá, fèrè la ní kí ẹ fun, a ò ní kí ẹ máa kí èèyàn."

Bàbá mi á ní, "Fèrè ò mọ orúkọ ẹnì kankan. Èmi mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, Ìyá Múyì jókòó sí ìdí àràbà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Àbíkẹ́ ni oríkì wọn. Àjàní, àbúrò bàbá mi, ni ọkọ wọn. Fèrè ti dún. Bàbá mi ti pe kálukú. Kò sí ohun tó yàtọ̀. Dánámáìtì ró. Òkúta kan tó tó orí ewúrẹ́ fò kọjá ibi tí òkúta ń dé, ó já lu ojúgun Ìyá Múyì. Egungun fọ́.

Wọ́n pẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọn ò lè ru ẹ̀gẹ́ mọ́. Àwọn kọngílá ní ó dun àwọn o, ṣùgbọ́n àwọn ò jẹ̀bi. Àwọn fun fèrè, àwọn ta àsíá, ìwọ̀n dánámáìtì tó yẹ ni àwọn rọ sínú ihò. Àjàní pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo abúlé gbà pé kí Ìyá Múyì tó lè jàre, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ṣe àìbìkítà. Ta sì ni? Ẹni tó mú fèrè lọ́wọ́ ni. Bàbá Mojí, ìkejì ilé wa, ló sọ ọ́ síta.

"Kí Àbíkẹ́ sọ pé òun ò gbọ́ fèrè. Ó tán."

Bàbá mi ní, "Mo fun ún."

"A mọ̀ pé o fun ún, Fádèyí. Ṣé fèrè ló máa bọ́ àwọn ọmọ Àjàní ni?"

 Àwọn kọngílá ti ní kí bàbá mi wá jẹ́rìí pé àwọn fun fèrè. Tí Ìyá Múyì bá jàre, bàbá mi ló fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Tí Ìyá Múyì bá jẹ̀bi, bàbá mi ló fi ẹnu já a jù sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ń súfèé tí bàbá mi bá ń kọjá. Oúnjẹ kò wọ̀ wọ́n lára mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Múyì fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá wọn.

"Ẹ̀yin ọkọ mi, wọ́n ní kí n parọ́ mọ́ yín."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe, Àbíkẹ́?"

"Aládùúrà ni mí. Bíbélì ni wọ́n á gbé lé mi lọ́wọ́. Mo gbọ́ fèrè. Mo tún gbọ́ oríkì mi."

"Wàá pàdánù o."

"Ẹsẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ pàdánù."

Ohun tí Ìyá Múyì sọ ní kóòtù ní Ìbàdàn náà nìyẹn. Bàbá mi náà sọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu. Lọ́yà àwọn kọngílá ń rẹ́rìn-ín. Àjàní da orí kodò. Ṣùgbọ́n Lọ́yà Ọláníran, tó ń gbèjà wa, kò mikàn. Ó dìde, ó ní àwọn ò tíì fìgbà kan sọ pé ẹnikẹ́ni ò bìkítà.

Nígbà tí a padà lọ gbọ́ ìdájọ́, òyìnbó ni adájọ́ ń sọ. Ògbufọ̀ ń tú u fún wa.

"Adájọ́ ní bóyá wọ́n ṣọ́ra, bóyá wọn ò ṣọ́ra, kò kan ẹjọ́ yìí. Ẹni tó bá kó ohun tó lè ṣe jàǹbá wá sórí ilẹ̀ nítorí iṣẹ́ ara rẹ̀, tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó lọ ṣe ẹlòmíì léṣe níta, òun ni yóò ru ú. Ó dà bí ẹni tó ń sin ẹkùn. Tí ẹkùn bá já, a kì í bi í bóyá ó so ó dáadáa. Adájọ́ ní ìyá yìí ò bá wọn pín nínú òkúta wọn. Ibi tí wọ́n ní kó jókòó ló jókòó sí. Kì í ṣe ìjì ló gbé òkúta wá, kì í sì í ṣe àjèjì ló tiná bọ̀ ọ́. Kí àwọn kọngílá san owó ọsibítù, kí wọ́n sì san ti ẹsẹ̀."

Àjàní dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi ò mira. Nígbà tí a jáde, wọ́n dá ògbufọ̀ dúró.

"Èmi ńkọ́? Kí ni adájọ́ ní mo ṣe?"

"Kò ní ẹ ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ò kàn yín."

"Kò kàn mí?"

"Kò kàn yín rárá."

Bàbá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. N kò rí i kí wọ́n rẹ́rìn-ín báyẹn rí, tí fìlà bọ́ lórí wọn. Ìyá Múyì ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ rọra, ẹ fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Àwọn méjèèjì tún bú sẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Mojí gbé emu wá. Ó ní, "Fádèyí, à bá ti jẹ́ kí obìnrin yìí búra èké lásán."

Bàbá mi ní, "Bu tèmi kún."

Nígbà tí bàbá mi padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kó gbogbo èèyàn kúrò ní ìdí àràbà lọ sí ẹ̀yìn odò. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn. Fóòmàn gbọ́ tí wọ́n ń pe oríkì. Òun náà ń dúró kí wọ́n pè é tán.

Eruku òkúta ni bàbá mi ń fà símú ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ikọ́ dé.

Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, Ìyá Múyì fi ọ̀pá dúró létí ibojì. Wọ́n fi oríkì pe bàbá mi, wọ́n ní, "Àkànó o! Ó ti ró tán." Lẹ́yìn náà wọ́n lọ.

Gbogbo èèyàn ti lọ sílé. Mo gbé àsíá lọ sí odò. Ọṣẹ dúdú ni mo fi fọ̀ ọ́. Omi àkọ́kọ́ funfun bí ẹ̀kọ. Mo tún un fọ̀. Mo fún un, mo sá a sórí òkúta, mo fi òkúta kéékèèké tẹ etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e.