Ilà Ìdí Síkúrù

Nígbà tí wọ́n gbé mọ́ọ̀dù náà, irin tí wọ́n ń da ike gbígbóná sí láti fi ṣe ìdérí àpótí, sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ iléeṣẹ́, ara Ìyá Ẹ̀rọ bù máṣọ. Ọdún mọ́kànlá ni irin ọ̀hún ti wà níbẹ̀ lábẹ́ eruku. Ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ọkọ rẹ̀ náà ló sì gba ẹ̀bi rẹ̀. Gbogbo ìdérí àpótí tó ń tinú rẹ̀ jáde ló ń wọ́, ni wọ́n bá ní ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n. Ìtìjú yẹn ni bàbá gbé wọ inú ilẹ̀ kí ọdún náà tó yí po.

Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rọ bá ti yanu, tí ooru ike fẹ́ sí obìnrin yìí lójú, á gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn etí kedere: “Ṣé o tò ó dáadáa?” Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní wèrè lẹ́nu iṣẹ́?

Máníjà ní, “Màmá, oníbàárà kan tún ń wá ìdérí yìí. Ẹ bá wa dán an wò. Tó bá ṣì wọ́, ẹ jẹ́ ká yáa lọ yọ́ irin ẹ̀.”

Ìyá Ẹ̀rọ fi àkísà nu eruku ara irin náà. Bí wọ́n bá yọ́ irin náà, ẹ̀bi yẹn di ti ọkọ rẹ̀ títí ayé.

Ó so mọ́ọ̀dù mọ́ ẹ̀rọ, ó ki họ́ọ̀sì omi bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìdérí àkọ́kọ́ jáde. Ó da ojú rẹ̀ dé orí tábìlì: àárín rẹ̀ kan tábìlì, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbéra. Ojú rẹ̀ tún jìn díẹ̀, ní ọ̀gangan ibi tí kùkùté ike tó ki wà nínú. Èyí kò yà á lẹ́nu. Ibi tí ike bá ti ki ló ń tutù kẹ́yìn. Bí inú rẹ̀ ṣe ń sún kì, á máa fa awọ òde wọlé. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ ti ike wọlé pẹ́ sí i kí ẹnu ihò tí ike ń gbà wọ mọ́ọ̀dù tó dì. Kòtò náà dínkù, kò tán. Ó jẹ́ kí ìdérí pẹ́ nínú mọ́ọ̀dù kó lè tutù. Igun ṣì ń gbéra bí aláìgbọràn.

Ó pa ẹ̀rọ, ó sì fi ohun ìwọn ooru kan irin. Abo mọ́ọ̀dù, tó ń ṣe ojú òde ìdérí, wà ní dígírì márùndínlógójì. Akọ rẹ̀, tó ń ṣe inú, wà ní àádọ́rin. Ìhà tó gbóná jù ló ń sún kì jù, òun ló ń fa ìdérí tẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó wá di họ́ọ̀sì akọ méjèèjì mú. Omi tó ń wọlé tutù, èyí tó ń jáde náà tutù, ó sì ń sáré dáadáa. Báwo ni omi ṣe máa gba inú irin gbígbóná kọjá tí ò ní mú ooru kankan bọ̀?

Ó tú akọ náà sílẹ̀. Ọ̀nà omi gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá tààrà, ihò mẹ́rin sì gòkè láti ara rẹ̀ lọ sí ibi tí ike ti ń gbóná. Síkúrù kọ̀ọ̀kan ló dí ìdí ihò kọ̀ọ̀kan, ewé idẹ kan sì nà sókè lórí rẹ̀. Ewé náà gbọ́dọ̀ dábùú ọ̀nà, kí omi lè fi tipátipá gòkè, kó fò ó, kó sọ̀kalẹ̀ ní òdìkejì. Àwọn wọ̀nyí ò dábùú nǹkan kan. Wọ́n tò gbọọrọ bá ojú ọ̀nà lọ, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn lọ ní tirẹ̀. Ilà tín-ínrín kan sì wà ní ìdí síkúrù kọ̀ọ̀kan, tí ọkọ rẹ̀ fi fáìlì irin fà láti fi hàn ibi tí ewé kọjú sí.

Ó mọ ilà yẹn. Òun ló tú àwọn síkúrù náà lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn láti fọ ìpẹtà, òun ló sì dá wọn padà. Nígbà náà, ó rò pé nǹkan kan ló ṣèèṣì ha wọ́n, kò sì wo ibi tí ilà kọjú sí. Nígbà tí ìdérí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ọkọ rẹ̀ béèrè pé, “Ṣé o tò ó dáadáa?” Òun náà fi ìbínú dáhùn pé, “Ṣé ọmọdé ni mí ni?” Bàbá rẹ́rìn-ín, kò sì tú u wò. Ó gba ẹnu ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ìyá Ẹ̀rọ jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Ó fi tuntun rọ́pò síkúrù kan tí ìpẹtà ti jẹ, ó fa ilà sí i, ó fi tépù wé gbogbo wọn kí wọ́n má bàa jò, ó yí ilà kọ̀ọ̀kan dábùú ọ̀nà omi, ó sì dá akọ padà sẹ́nu ẹ̀rọ.

Ìdérí kejìlá jókòó pẹlẹbẹ lórí tábìlì. Kòtò ojú rẹ̀ ti lọ.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́,” ni Máníjà wí. “Ohun tí bàbá ò rí ṣe, ẹ ti bá wọn ṣe é.”

Ì bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

“Bàbá ti ṣe é tán láti ìbẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Èmi ni mo bà á jẹ́.” Ó na síkúrù ògbólógbòó tó yọ sí i, ó fi èékánná tọ ilà rẹ̀. Máníjà wò ó, ó ṣí fìlà.

Ẹ̀rọ tún yanu. Ooru fẹ́ sí i lójú, ó sì dẹtí, ó dúró de ìbéèrè náà. Ó ti ní ìdáhùn báyìí. Kò sẹ́ni tó béèrè mọ́.