Eérú Ẹ̀yìn Àtíbàbà

Ọdún tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni ó kó wá sọ́dọ̀ wa ní Ìgàndò. Ìyá mi ti kú ṣáájú ìgbà náà, ilé tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé ní Ìbàdàn sì ti tóbi jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Èmi ni mo ní kí ó máa bọ̀. Ọkọ mi kò janpata. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí yàrá kan ti ṣófo nínú ilé tí a háyà, kí Bàbá wá máa lò ó.

Kò rọrùn fún un. Ọkọ mi a ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ó lè rí ọkọ̀ wọ̀ ní Ìyànà Ìpájà. Èmi náà a kọrí sí ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì. Bàbá a ti wẹ̀, a ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ó lọ̀ fúnra rẹ̀, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, a máa wò wá bí a ṣe ń lọ. Bí a bá dé nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà ni a óò bá a. A bi mí pé báwo ni ibi iṣẹ́. Kò sí ohun kékeré kan tí mo sọ tí kì í gbọ́ dópin, títí kan ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì.

Ìgbà tí bẹ́ǹṣì sú u ni ó lọ bá onílé wa pé ṣé òun lè dáko díẹ̀ sí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Onílé ní kò burú, pé títí òun yóò fi rówó kọ́lé sí i. Bàbá bá ra ọkọ́. Ó kọ ebè pẹrẹsẹ mẹ́rin, gbogbo wọn gún régé bí ojú irin, ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí méjì, ó gbin ewédú sí méjì. Àwọn ẹ̀fọ́ náà hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe yọrí tán, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbàgbé pé ó yẹ kí wọ́n dàgbà. Ewé wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì sí èyí tó ga ju ìka ọwọ́ lọ. Bàbá pọnmi sí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ra ajílẹ̀ òyìnbó, èyí funfun tó dà bí ṣúgà, ó fọ́n ọn sí i. Ewé tutù díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú, lẹ́yìn náà ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó hú gbogbo rẹ̀ dànù, ó tún òmíràn gbìn, ó tún fọ́n ajílẹ̀ sí i. Bákan náà ló rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a níbi tó dúró sí láàárín ebè, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Kò bojú wò mí.

Ó ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ ibí yìí kò fẹ́ mi. Bóyá kí n kúkú padà sílé."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ nìkan ni ó ń sọ. Mo sì mọ̀ pé bí ó bá padà sí ilé Ìbàdàn yẹn, orí àga kan náà ni yóò máa jókòó sí, láìsí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ tí yóò bi ní ohunkóhun. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ náà wò, pé ó lè jẹ́ pé ó ti kan. Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé ṣé ilẹ̀ náà máa ń kan bí ògì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo tọrọ páálí ìwé pélébé kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìwé náà dà bí bébà tó ya wẹ́wẹ́. Bí a bá tì í bọ omi, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà: bí omi náà bá kan gan-an, á pupa tàbí kí ó dà bí ọsàn tó pọ́n, bí ó bá kan díẹ̀, á dà bí ìyeyè, bí kò bá kan, tí kò sì korò, á di àwọ̀ ewé, bí ó bá wá dà bí omi eérú, á di búlúù. Wọ́n ya àwọn àwọ̀ náà sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀, nọ́ńbà wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èèyàn lè fi wé e.

Mo ní kí Bàbá bu ilẹ̀ láti ibi púpọ̀ lórí ebè, kí ó má bu ti òkè nìkan, kí ó wa á wọlé tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ó pò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sá a síbòòji, ó fọwọ́ rún un, ó ṣa gbòǹgbò àti òkúta kúrò. Mo bu díẹ̀ sínú ìgò jáàmù, mo fẹ́ bu omi kànga lé e, ni nǹkan kan bá sọ sí mi lọ́kàn pé kí n kọ́kọ́ dán omi náà wò. Omi kànga wa fúnra rẹ̀ ti kan. Bí mo bá ti lò ó ni, mi ò bá má mọ èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti omi. Mo tún padà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ bu omi tí a sè, tí a gba ooru rẹ̀ títí ó fi di omi mímọ́ gaara. Èyí ni a dà lé ilẹ̀ náà. A mì í pọ̀ dáadáa, a gbé e kalẹ̀ títí ẹrẹ̀ fi rọlẹ̀ tí omi òkè rẹ̀ fi mọ́, mo sì ní kí Bàbá ti ìwé bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ páálí, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lórí àwọn àwọ̀ yẹn títí ó fi dúró lórí èyí tó dà bí ọsàn tó pọ́n.

Ó ní, "Ó ti kan jù."

Mo ṣàlàyé fún un pé òjò ti ń fọ ilẹ̀ oníyanrìn bẹ́ẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ó ti fọ ohun tí kì í jẹ́ kí ó kan lọ, pé irú ajílẹ̀ funfun tí ó sì ń fọ́n sí i tún ń dá kún kíkan náà. Kò bínú sí èyí. Ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún, tí ara wá tù ú. Ó bi mí pé kí ni oògùn rẹ̀. Mo ní láìmù ni, ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí àwọn olóko ńlá ń fọ́n sílẹ̀, tàbí kí a lo eérú igi.

Mo wá láìmù lọ sí Ìyànà Ìpájà, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ. Ìkarahun tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni wọ́n ní, wọ́n ń pò ó mọ́ oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin. Ó dára, ṣùgbọ́n kò kúnná, yóò sì pẹ́ kí ó tó yòrò mọ́ ilẹ̀. Ó wá ku eérú, sítóòfù kẹrosíìnì la sì fi ń dáná nílé wa. Ọkọ mi ló rántí ìyá kan tó ń yan gàrí nísàlẹ̀ àdúgbò. Igi ló fi ń dáná, láti àárọ̀ di alẹ́.

Bàbá gbé garawa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo rò pé yóò lọ, yóò bọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán tutù dè é. Nígbà tó dé, garawa rẹ̀ kún, aṣọ rẹ̀ ti funfun fún eérú, inú rẹ̀ sì dùn ju bí mo ṣe rí i rí láti ìgbà tó ti dé Ìgàndò.

Opó ni ìyá náà, Mùsùlùmí, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ gan-an, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Nígbà tí Bàbá béèrè eérú, ó ní kí ni ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́ báyìí fẹ́ fi eérú ṣe. Bàbá sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kíkan fún un. Ìyá náà ní ilẹ̀ tòun náà kò gbọ́ràn, pé ilá tí òun gbìn sí ẹ̀yìn àtíbàbà òun, lẹ́bàá ibi tí òun ń da eérú sí, kì í ju kí ó hù kí ó kú. Bàbá padà lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì tòun ti ìgò àti ìwé. Búlúù ni ìwé ti ìyá náà, ó ṣú bí aró. Eérú tó ti ń dà síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sọ ilẹ̀ náà dà bẹ́ẹ̀.

Bàbá ròyìn ohun tí ìyá náà wí fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń sọ ọ́: "Bàbá, èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi ni kò sí lọ́dọ̀ yín. Kí ẹ kúkú máa wá kó o."

Ó sì ń kó o. Ó yá bárò lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà, ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀. Èyí tó gbẹ ni ó ń kó, nítorí òjò ti fọ agbára kúrò lára èyí tó ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ó ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ó ń ṣa ìṣó àti èédú kúrò. Lákọ̀ọ́kọ́ ó fẹ́ da púpọ̀ lé ebè. Mo ní kí ó rántí ilá ìyá náà. Ó bá fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀, ó bomi rin ín, ó fi í sílẹ̀. Mo tún kìlọ̀ fún un pé kí ó má pa eérú pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ funfun yẹn, nítorí agbára ajílẹ̀ yóò fẹ́ lọ. Kò gbà mí gbọ́ títí ó fi pò díẹ̀ pọ̀ nínú agolo, tó bomi sí i, tó gbóòórùn tó ta á nímú bí ìtọ̀ àtijọ́. Láti ọjọ́ náà, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ni ó ń lò, ìyẹn náà sì di lẹ́yìn tí eérú bá ti wọlẹ̀ tán.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó dán ilẹ̀ náà wò. Ìwé náà kò dà bí ọsàn mọ́, ó ti pọ́n bí ìyeyè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ sí àwọ̀ ewé. Mo ní ó tó, kí ó má fi kún un. Ó gbin tẹ̀tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ewé rẹ̀ gbòòrò, igi rẹ̀ ki, a jẹ ẹ́ títí a fi ń pín in fún àwọn tí a jọ ń gbé. Nílé ìyá ẹlẹ́gàrí, wọ́n kó eérú kúrò nílẹ̀, Bàbá kó ilẹ̀dú àti ewé jíjẹrà lọ dà síbẹ̀, wọ́n jẹ́ kí òjò ọdún kan fọ̀ ọ́. Ọdún kejì ni ilá so.

Kí ilá yẹn tó so ni Bàbá pè mí jókòó. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ìyá náà, bí èmi kò bá ní ohun kan láti sọ sí i. Ìyá mi ni mo rò. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe ojú ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́.

Mo ní, "Ṣé ẹ ti bi wọ́n léèrè?"

Ó ní, "Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bi ìwọ."

Àwọn ọmọ ìyá náà wá sílé wa, àwa náà lọ sílé wọn. Àkọ́bí wọn bi Bàbá pé ṣé yóò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ìyá wọn náà yóò sì máa kírun. Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Kò sí ayẹyẹ rẹpẹtẹ; a jẹun, wọ́n gbàdúrà lọ́nà méjèèjì, Bàbá sì kó àpótí aṣọ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Ó fi ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún mi. Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń já tẹ̀tẹ̀ lọ fún wọn, màmá a sì wọn gàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú agbada jáde sínú abọ́ mi, kí n má bàa mú abọ́ òfìfo padà. Nígbà míì mo máa ń bá Bàbá nídìí iná, tí ó ń ti igi wọlé, tí màmá ń sọ fún un pé kí ó dín iná kù, kí gàrí má jóná.