“A o gba oruko”: Ìkéde Kíláàsì Bàtà Bushrah

Bushrah Oyèṣọlá kì í ṣe ẹni tí ń tún bàtà ṣe. Àwọn ará Dàda Estate ní Òṣogbo ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣàlàyé. Ẹni tí ń tún bàtà ṣe, èyí tó já ló ń lẹ̀. Bushrah ń ṣe èyí tí kò tíì sí rárá: yóò wọn ẹsẹ̀, yóò gé awọ, yóò rán an, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ sólì. Mùstàfá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rán àpò awọ nílé wọn láàárín ìlú. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò fẹ́ràn òórùn awọ, òun ni òórùn náà kò lé.

Yàtọ̀ sí pé ó ń ṣe bàtà tà, ó tún ń kọ́ni. Ìgbà mẹ́ta ló ti kọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni gbogbo wọn sì lò. Bushrah mọ̀ pé kò tó. Ẹni tí kò mọ̀ ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ lọ yóò rán bàtà tó dára, ṣùgbọ́n kò lè rán púpọ̀, àwọn tó ń ra bàtà tà kò sì ní dúró dè é. Ẹ̀rọ tí ń rán awọ ni ó ń wá. Alhaja Àgbékẹ́, obìnrin tó ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ háyà, ṣèlérí pé òun yóò gbé mẹ́rin fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí ó bá lè kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà jọ kí ọ̀sán Sátidé tó pé. Bí kò bá rí mẹ́fà, ẹnì kan ní Ìkìrun ti ń dúró de ẹ̀rọ náà.

Ìdí nìyí tí Bushrah fi jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tó ya fọ́tò sálúbàtà tuntun kan (sálúbàtà ni, kì í ṣe “sánúbàtà”), tó sì kọ̀wé sí abẹ́ rẹ̀ lórí sítétọ́ọ̀sì Wọ́sáàpù. Bí ó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí:

“KILAASI TUNTUN! Bata ati salubata sise, ose mefa. Owo eko: 40,000 naira. Awo, soli ati gomu wa ninu e. E le san idaji nigba ti e ba n foruko sile, ki e san iyoku ki ose keta to pari. A bere ni Monday, 4 August, aago mewaa aro. A o gba oruko leyin Jimoh. Soobu Bushrah, Dada Estate, Osogbo.”

Ìkéde náà ní làákàyè. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í kọ iye owó wọn, wọn a ní kí èèyàn wá béèrè ní kọ̀rọ̀, bí ẹni pé oògùn ni wọ́n ń tà. Bushrah kọ iye owó, ó kọ ohun tí owó náà kó mọ́ra, ó kọ bí wọn yóò ṣe san án, ó kọ ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Àmì ohùn nìkan ni kò kọ. Ó ní ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù?

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn tí ń wo ìkéde náà kò lóǹkà. Àwọn kan fi àwòrán ọkàn ránṣẹ́, àwọn kan ní “Máṣáàláhù.” Mélòó kan kọ ọ́ pé àwọn ń bọ̀. Inú Bushrah dùn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, nítorí kì í ṣí i kí wọ́n tó kírun. Nígbà tí wọ́n kírun tán, ó ṣílẹ̀kùn, ó gbálẹ̀, ó to bẹ́ǹṣì, ó sì jókòó. Kò sẹ́ni tó wá. Ó tún bẹ́ǹṣì náà tò. Ó yọjú wo ọ̀nà. Obìnrin kan yà wọlé, àṣé ọ̀nà ilé oníṣègùn eyín ló ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà wá di ohun ìyanu fún un ju ohun ìbànújẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí ìkéde náà ni, yóò yé e. Wọ́n rí i, wọ́n yìn ín, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Kí ló dé ẹsẹ̀ wọn? Ó rò pé bóyá owó ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúnàádúrà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Òṣogbo kì í rí owó tó pọ̀ kó má dúnàádúrà. Ó rò pé bóyá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló kọlu ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun, ó wo kàlẹ́ńdà, kò kọlù ú. Ó ti ń rò ó pé kí òun gé ẹgbẹ̀rún márùn-ún kúrò lára owó náà, nígbà tí Micah wọlé.

Ọmọ Iléṣà ni Micah, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí Bushrah fẹ́ kọ ìkéde rẹ̀, Micah ní kí òun bá a kọ ọ́ ní iye táṣẹ́rẹ́ kan. Bushrah dá a lóhùn pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu ta ọrẹ, òun lè kọ ọ́ fúnra òun.

Micah wo bẹ́ǹṣì tó ṣófo. “Ìyá Zulkifli, ta lẹ wá ń retí? Ṣebí ẹ ti tìlẹ̀kùn.”

“Ilẹ̀kùn wo, Bàbá Tóbi?” ni Bushrah bi í.

“Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́. ‘A ò gba orúkọ lẹ́yìn Jímọ̀.’ Àwọn èèyàn ti kírun tán báyìí. Ta ni yóò tún wá?”

Bushrah ní irú kíkà wo nìyẹn. Ó ní “a ó gba orúkọ” lòun kọ: pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òun yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti gba orúkọ. Micah gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó sì tún un kà ketekete. Ó ní bí ó bá jẹ́ “a ó”, kí Bushrah fi àmì òkè hàn òun. Bí ó bá jẹ́ “a ò”, kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ hàn òun. Èyí tó wà níbí yìí, ó ní, kò sí lókè, kò sí nílẹ̀.

“Gbogbo ayé mọ ohun tí mo ń sọ,” ni Bushrah wí.

“Ó dáa. Ẹ pe gbogbo ayé.”

Bushrah pe Humairah, ọmọbìnrin kan tó ti kọ ọ́ lánàá pé òun ń bọ̀. Humairah ní kí Àǹtí má bínú, ọ̀la ni òun yóò wá, ṣebí lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ní àwọn yóò gba orúkọ. Micah fi ọwọ́ bo ẹnu. Bushrah pe Ẹ̀bùnọlá. Ìyẹn kò tilẹ̀ jẹ́ kí Bushrah kí i tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó ní òun sáré wá láàárọ̀ kí wọ́n tó kírun, nítorí Àǹtí ní òun ò gba ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìrun. Òun bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn, òun sì padà sílé.

Bushrah gbé fóònù sílẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni òun kọ, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà kà á: ẹnì kan ń kánjú, ẹnì kan ń fà á, kò sì sí èyí tó ṣì í kà. Kò bínú mọ́. Ó ń wo ojú fóònù náà bí ẹni tó rí ẹranko tí kò rí rí.

“Ẹ tún ìkan pè,” ni Micah wí. Ìdùnnú rẹ̀ kò farasin.

Ó pe Julianah Ọ̀ṣuntókun, obìnrin Iléṣà kan tó ń ta bàtà àwọn ọmọ iléèwé, tó wà lára àwọn tó wo ìkéde náà. Julianah ti dàgbà ju Bushrah lọ dáadáa, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun rí ìkéde náà ní ọ̀sán yìí lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì rí i pé kò gba èèyàn lẹ́yìn Jímọ̀. Òun kò lè ti Iléṣà dé Òṣogbo lónìí. Ó ní ó dun òun, nítorí ó ti pẹ́ tí òun ti ń ta bàtà tí ẹlòmíràn ṣe. Bushrah sọ fún un pé kò tíì tán, kí ó máa bọ̀ lọ́la.

“Ṣé ẹ ó gbà mí?”

“A óò gbà yín, mà. A óò. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń fà á.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n jókòó kọ ìkéde tuntun. Micah fẹ́ tún “a ó” kọ, kí wọ́n fi àmì sí i dáadáa. Bushrah kọ̀: ó ní bí òun bá fi àmì sí i, fóònù ẹlòmíràn lè máà gbé e jáde bó ṣe yẹ. Wọ́n yọ “a ó” kúrò pátápátá. Wọ́n yọ Jímọ̀ náà kúrò. Wọ́n wá kọ ọ́ pé ìforúkọsílẹ̀ ṣì ń lọ, pé yóò parí ní Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù August, ní aago méjìlá ọ̀sán, pé owó kò yí padà, pé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò yí padà. Micah kà á, Bushrah kà á. Wọ́n pe ẹni tó ń ta káàdì ní òdìkejì títì, òun náà kà á. Ohun kan náà ni gbogbo wọn kà.

Láàárọ̀ Sátidé, Humairah wá, Ẹ̀bùnọlá wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tún wá láti Ọ̀tan-Ilé. Márùn-ún nìyẹn. Julianah ní òun ti wọ ọkọ̀. Bushrah ń rò bí òun yóò ṣe bẹ Alhaja pé kó fún òun láàyè díẹ̀ sí i, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀.

Ó sáré pe Alhaja. Alhaja ní kí ló ń ṣe é ní kàyéfì? Òun náà rí ìkéde rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò gba orúkọ lẹ́yìn Jímọ̀, ó ti yé òun pé àyè ti kún. Ta ni yóò máa lé èèyàn padà bí kò ṣe ẹni tó ti yó?

Bushrah lè dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó sọ fún Alhaja pé ìkọ̀wé òun ló ṣì í lọ́nà, pé márùn-ún ló wà nílẹ̀, pé ẹnì kẹfà wà lójú ọ̀nà láti Iléṣà. Alhaja béèrè iye aago tó lù. Ó wá ní kí awakọ̀ má sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, kí ó sì má gbé e lọ. Ọ̀sán kò tíì pé.

Wọ́n dúró. Awakọ̀ sùn sórí ìjókòó rẹ̀. Micah jáde sí títì, ó ń wo ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tí Julianah sọ̀kalẹ̀, aago méjìlá kù díẹ̀ kó lù, ó gbé àpò ńlá kan lọ́wọ́, ó sì ń mí hẹlẹ. Micah ló lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ jí awakọ̀ pé kó máa sọ ẹrù kalẹ̀.

Bushrah kí Julianah kú ọ̀nà, ó fún un ní àga àti omi. Ó gba ìdajì owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mú bírò láti kọ orúkọ rẹ̀. Julianah rọra gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má bínú, Tíṣà,” ó ní. “Orúkọ tèmi ní àmì lórí. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́.”