Ìṣẹ́jú Méjì Tí Nọ́ọ̀sì Olúkẹ́mi Lọ Kọ́ ní Sábó

Bí ẹ bá rí Nọ́ọ̀sì Olúkẹ́mi Ṣóbọ̀wálé lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó ní obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bí aboyún ń ké, bí ìyá ọkọ ń sunkún, bí ọkọ ń pààrà ẹnu ọ̀nà, gbólóhùn mẹ́ta péré ni tirẹ̀: "Mí. Sinmi. Ó yá, tì í." Ọmọ á sì dé! Ọdún méjìlá gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí kan ní Ṣàgámù. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan ṣáà ní, "Nọ́ọ̀sì, sọ fún wa nípa ara rẹ." Áà! Ibẹ̀ ni omi ti ń tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Lọ́dún 1956, ìjọba ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó àwọn ilé ìgbẹ̀bí káàkiri Rẹ́mọ, ẹni tí yóò máa lọ láti ìlú dé ìlú, tí yóò máa kọ́ àwọn agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, tí yóò sì máa jẹ́ kí dókítà mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Olúkẹ́mi kọ̀wé, wọ́n sì pè é sí Ìbàdàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Alága ní kó sọ nípa ara rẹ̀. Olúkẹ́mi bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: ọmọ Ọdẹ́yẹmí ará Ìpẹ̀rú ni òun, àgbẹ̀ ni bàbá òun, bàbá bàbá òun ló kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ nínú ẹbí. Kí ni kó tún ṣe? Ní Rẹ́mọ, bí o bá wọ ilé àgbà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi ọ́ ni, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ó sọ ti ìrìbọmi, ó sọ ti ilé ìwé, ó sọ ti olùkọ́ tó mọ pàṣán lò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì kẹrin ni alága gbójú sókè wo aago ara ògiri. Ó ní, "A dúpẹ́, Ìyáàfin." Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀bí kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rárá! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé pé wọ́n ti rí ẹlòmíràn.

Nígbà tó di 1958, ẹni tí wọ́n rí yẹn gba Èkó lọ, ipò náà tún ṣófo. Olúkẹ́mi tún kọ̀wé, wọ́n tún pè é. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ohun kan wà nínú ìwé náà tó gbé e lọ́kàn sókè: wọn kò ní í gba ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ogójì ọdún. Mọ́kàndínlógójì ni Olúkẹ́mi. Bó bá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe tísà ní Ìkẹ́nnẹ́, ní kó má mikàn. "Ìyá Bánkẹ́, èmi ni n ó kọ ọ́ fún ẹ. Ṣáà há a sórí." Tísà Ṣóbọ̀wálé jókòó ti tábìlì, ó kọ ojú ewé mẹ́rin pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó le bí ojú ẹja. Olúkẹ́mi tú aago kékeré tó máa ń gbé kọ́ àyà, èyí tó fi ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Ó gbé e síwájú, ó ka ìwé náà sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Bàbá Bánkẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án!"

"Ṣé o rí i? Wọn ò ní í gbàgbé ẹ láéláé."

"Wọ́n á ti sùn lọ kí wọ́n tó rí mi rántí, sà."

Ìwé ìpè náà kúkú ti sọ ọ́: ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fún olúkúlùkù láti fi sọ nípa ara rẹ̀ kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó gbé e dé Sábó ní Ṣàgámù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì kò ju iṣẹ́ lọ. Sàdíátù, ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù tó ń ta obì, ti bí ìbejì sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrọbí tó gba odindi ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Olúkẹ́mi lọ wo ìwọ́ àwọn ọmọ náà. Bó ṣe fọwọ́ tán tó ń jáde nínú yàrá, ó bá Ìyá Sàdíátù lábẹ́ àtíbàbà, láàárín àwọn agbọ̀n obì, pẹ̀lú oníbàárà kan tó wá láti Kánò.

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan agbọ̀n kan. "Màmá, obì wo nìyí?"

Ìyá Sàdíátù ká ewé orí agbọ̀n kúrò. "Gbànja ni, kò sí kòkòrò níbẹ̀. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ṣà á tí mo sì pààrọ̀ ewé rẹ̀, ẹyọ kan ò jẹrà. Ìrìn Kánò tí ẹ fẹ́ rìn yẹn, bó ṣe wà yìí náà ló máa débẹ̀." Ó pa ẹnu mọ́. Ọkùnrin náà bu ọ̀kan jẹ, ó mi orí, ó pe alábàárù rẹ̀.

Olúkẹ́mi dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. "Ìyá Sàdíátù, ẹ ò tilẹ̀ sọ oko tó ti wá fún un?"

"Oko kẹ̀? Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ara igi, tí mo dárúkọ ẹni tó gbìn ín àti bàbá ẹni tó gbìn ín, ṣé mọ́tò ọkùnrin yẹn ò ní í ti kọjá Ìpẹ̀rú? Nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: ṣé yóò dé Kánò? Mo fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi hàn án. Mo sọ ohun tójú obì náà ti rí. Mo sọ ibi tó lè dé. Mo dákẹ́ kóun náà lè sọ tirẹ̀."

Olúkẹ́mi dojú agbọ̀n kan délẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ Ìbàdàn fún un. Ìyá Sàdíátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì mi! Ìwọ náà lo lọ bẹ̀rẹ̀ láti ara igi! Ó yá, tún un sọ. Èmi ni alága."

Olúkẹ́mi tú aago àyà rẹ̀ fún un. "Bí ọwọ́ tín-ín-rín yìí bá ti yí po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wúkọ́ fún mi, mà."

Ó bẹ̀rẹ̀. Agbẹ̀bí ni òun, ó ti pé ọdún méjìlá, òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó tán. Ọwọ́ aago kò tíì dé ìdajì ìyípo kìíní.

"Ṣé ọlọ́pàá ló ń lé ọ ni? Kí lo ṣe láàárín ọdún méjìlá náà?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn aboyún ìlú Ìpara kì í tètè wá fún àyẹ̀wò tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí ọ̀ràn bá bẹ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run bá wọn ṣe é, àwọn èèyàn sì gbìyànjú...

"Dúró níbẹ̀. Ta ni 'àwọn èèyàn'? Ta ló ń wọ mọ́tò lọ sí Ìpara?"

"Èmi ni, mà."

"Ọlọ́run mọ̀ pé òun ló ṣe é, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ òun kọ́ ló kọ̀wé béèrè iṣẹ́."

Sàdíátù bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì sì bú sẹ́kún.

Nígbà tí ìtìjú kúrò lójú Olúkẹ́mi tán, ọ̀rọ̀ wá pọ̀ jù. Ó fẹ́ sọ ti Ìpara, ti àwọn ọmọ tí kò pé oṣù, ti alẹ́ òjò ọjọ́sí. Ìyá Sàdíátù wúkọ́, ó tún un wú. "Agbọ̀n kan ni oníbàárà máa ń tọ́ wò. Èwo ló jọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún ọ?"

Olúkẹ́mi ronú. "Ti Ìpara ni. Nítorí ìrìn ìlú dé ìlú ni iṣẹ́ náà."

"Ìyẹn nìkan ni kí o sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á bi ọ́ ní ìyókù."

Ohun kan ló kù tó ń dun Olúkẹ́mi. Ìyá àgbà rẹ̀, tó ń gbẹ̀bí fún gbogbo àdúgbò láìkàwé, ni òun kọ́kọ́ rí tó fi ọwọ́ gba ọmọ. Ṣé kóun fò ó bẹ́ẹ̀? Ṣé òun kò ní í di aláìmoore? Ìyá Sàdíátù na ọwọ́ sí agbọ̀n. Ó mú obì kan, ó nù ún. "Fún un ní gbólóhùn kan. Èyí tó bá fi ìdí iṣẹ́ rẹ hàn. Ìyókù, ilé là á ti í sọ ọ́."

Olúkẹ́mi kò há nǹkan kan sórí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló kọ sí ẹ̀yìn páálí: ìsinsìnyí, Ìpara, ìyá àgbà, ọ̀la. Lójoojúmọ́ ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ sókè níwájú ọkọ rẹ̀, kò sì bá ara mu lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ òpó mẹ́rin náà kì í yẹ̀. Tísà rọra ká ojú ewé mẹ́rin tirẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Òun ló ń di aago mú báyìí, tó sì ń tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe níbi tó bá kọsẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ní Ìbàdàn, alága kan náà, aago kan náà lára ògiri. Obìnrin dókítà kan jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀. "Ìyáàfin Ṣóbọ̀wálé, sọ fún wa nípa ara rẹ."

"Ọmọ Ọdẹ́yẹmí" ti dé góńgó ahọ́n rẹ̀! Ó gbé e mì. Ó ní:

"Agbẹ̀bí ni mí. Èmi ni mo ń ṣàkóso ilé ìgbẹ̀bí oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ní Ṣàgámù, mo sì ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí méjì lẹ́nu iṣẹ́."

Ó sọ bí òun ṣe dé ibẹ̀, ẹ̀kọ́ ọdún mélòó àti ìwé ẹ̀rí wo. Ó wá kan Ìpara: pé nígbà tóun bẹ̀rẹ̀ sí lọ, aboyún mẹ́rin péré ló ń wá fún àyẹ̀wò lóṣù, pé lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. "Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi tó ń gbẹ̀bí lábúlé ni mo ti kọ́ pé agbẹ̀bí ló ń lọ bá obìnrin, kì í dúró kí obìnrin wá bá òun. Ohun tí mo ṣe ní ìlú kan ni mo fẹ́ ṣe káàkiri Rẹ́mọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níwájú yín."

Ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn bí ọ̀nà Kánò. Ó ń ṣe é bíi kó fi ọ̀rọ̀ dí i, ṣùgbọ́n ó rántí Ìyá Sàdíátù, ó ká ọwọ́ lé itan.

Obìnrin dókítà náà fà síwájú. "Ọjọ́ wo lo máa ń lọ sí Ìpara yìí?"

"Ọjọ́ kejì ọjà ni, mà. Lọ́jọ́ ọjà, obìnrin ò ráyè ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó wà nílé."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Alága béèrè èyí tó kàn, òmíràn sì tún tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó tún bojú wo aago.

Lẹ́tà dé láàárín oṣù náà. Tísà kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó kígbe "Ìyá Bánkẹ́, Alábòójútó!" débi tí aládùúgbò fi rò pé ilé ń jó. Olúkẹ́mi kò dúró gba ìkíni. Sábó ló gbà lọ, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn agbọ̀n obì, ó di ọwọ́ Ìyá Sàdíátù mú.

"Dìde, aṣọ funfun nìyẹn! Ìwọ lo fún mi ní ìbejì, àbí kí ni mo ṣe?" Ìyá Sàdíátù nu ojú, ó wá fi ohùn alága sọ̀rọ̀. "Ìyáàfin, sọ fún wa nípa ara rẹ."

Olúkẹ́mi tú aago kúrò láyà, ó fi í sínú àpò. Ó jókòó lé agbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ara igi: bàbá bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ Ọdẹ́yẹmí ará Ìpẹ̀rú, ìyá àgbà ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀, olùkọ́ onípàṣán, Tísà ọkọ rẹ̀ àti ojú ewé mẹ́rin. Ó gbé Wúlẹ̀mọ̀tù olóbì ti Sábó sínú rẹ̀, láàárín àwọn tó tọ́ ọ. Oòrùn ti ń wọ̀ lọ kó tó dé kíláàsì kẹrin, kò sì sẹ́ni tó wúkọ́.