Tíṣà Kan, Gbọ̀ngán Méjì

Ọdún kọkànlá rèé tí Ìyá Ìdánwò, akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ wa, ti ń pín àwọn tíṣà tó ń ṣọ́ ìdánwò sí gbọ̀ngán. Lọ́jọ́ kan, tíṣà Jọ́gíráfì wọlé tọ̀ ọ́.

"Ìyá wa, ẹ fi mí sí gbọ̀ngán kìíní àti ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ṣé kí n la ara mi sí méjì ni?"

Ó ya Ìyá Ìdánwò lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yẹ ìwé gbọ̀ngán kọ̀ọ̀kan wò. Báwo ni ojú òun ṣe fò ó? Ó mú ìwé tuntun, ó to orúkọ àwọn tíṣà sí ẹ̀gbẹ́, ó kọ àárọ̀ àti ọ̀sán ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sókè, ó wá ń fàmì sí ibi tí iṣẹ́ ti kan oníkálukú.

"Àṣé gbọ̀ngán ni mo ń kà, mi ò ka èèyàn!"

Àmì méjì wà lójú kan fún tíṣà Jọ́gíráfì. Tíṣà Bàọ́lọ́jì tó lóyún ní iṣẹ́ mẹ́fà léraléra. Tíṣà Orin kò ní ẹyọ kan. Ó fún tíṣà Orin ní gbọ̀ngán kẹta, ó sì gbé mẹ́ta nínú iṣẹ́ aboyún fún un.

Nígbà tí tíṣà Orin rí ìwé tuntun náà, ó ní: "Ìyá wa, ọwọ́ yín tẹ̀ mí. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹ kò ti fún mi ní gbọ̀ngán kankan."

Ìyá Ìdánwò bú sẹ́rìn-ín, ó sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti wá ìwé gbọ̀ngán ti èṣí, kó lè ka èèyàn inú rẹ̀ náà.